Orúkọ 74, Máíkì Kan: Ìdúpẹ́ Ọmọ Olóòkú Níbi Ìnáwó

Ìbéèrè: “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá wa, tíṣà àfẹ̀yìntì, papòdà lẹ́ni ọdún 86. Ìsánlú la ó sin wọ́n sí lóṣù tó ń bọ̀. Èmi obìnrin àárín ni ẹbí ní kí n dúpẹ́ níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé. Orúkọ tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó fún mi ti di 74, mo sì ti kọ ohun tí kálukú ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níbi òkú kan tí mo lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n ka orúkọ títí oorun fi ń kun àwọn èèyàn. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú. Báwo ni kí n ṣe é?” Ọmọ Yàgbà, láti Àbújá.

Ọ̀kun o. Ẹ kú àráfẹ́rakù Bàbá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọjọ́ jìnnà síra.

Mo ka àkọsílẹ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì rí i pé ẹ ti bá ara yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà láìmọ̀. Ẹ tún wo ohun tí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn orúkọ náà. Níbi tó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ ń kọ: “àdúrótì”, “àdúrótì”, “ó dúró tì wá gan-an”. Ṣùgbọ́n níbi orúkọ mélòó kan, ọwọ́ yín yí padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tí ojú rí: ìyá tó ń gbé ẹ̀kọ wá láràárọ̀, nọ́ọ̀sì tó ń wá lálẹ́, ọkùnrin tó dúró tì yín lójú ọ̀nà títí di ọ̀gànjọ́. Ohun tí ojú rí ni máíkì wà fún. Àdúrótì náà ní ọ̀nà tí a ó gbà dúpẹ́ rẹ̀, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n orí máíkì kọ́.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ ṣí aago inú fóònù yín, kí ẹ ka orúkọ 10 àkọ́kọ́ sókè bí ẹ ó ṣe kà á lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú Olóyè, pẹ̀lú Injiníà, pẹ̀lú “àti ìyàwó wọn”. Orúkọ kan tó ní oyè lórí ṣòro kà tán kí ìṣẹ́jú àáyá 5 tó pé. Ẹ fi 74 sọ ọ́ di púpọ̀, ó ti kọjá ìṣẹ́jú 6, ẹ ò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ kan ṣoṣo. Láàárín ìṣẹ́jú 6 yẹn, ohun kan péré ni àwọn tó jókòó ń ṣe: wọ́n ń tẹ́tí sí orúkọ ara wọn. Ẹni tó bá ti gbọ́ tirẹ̀ á yíjú sí oúnjẹ. Ẹni tí kò tíì gbọ́ tirẹ̀ á máa retí, bí ẹ bá sì parí láìdé ọ̀dọ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ibí yìí ni ohun tó máa ń ya àwọn ọmọ olóòkú lẹ́nu wà. Wọ́n rò pé bí orúkọ bá ṣe pọ̀ tó ni ìbínú á ṣe dín kù tó. Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni mo máa ń rí. Bí ẹ bá dárúkọ ènìyàn 3, àwọn 71 tó kù mọ̀ pé ṣe lẹ ṣa àwọn mẹ́ta yẹn mú, wọ́n sì gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu yín. Bí ẹ bá dárúkọ 70, àwọn 4 tí ẹ kò dá mọ̀ pé ẹ gbàgbé àwọn ni. A máa ń fi orí ji ẹni tó ṣa èèyàn mú. Ẹni tó gbàgbé wa ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dun èèyàn délé.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ó gé e ni kí ẹ ṣọ́ jù lọ. Ẹ má ṣe gé e sí àárín ẹgbẹ́ kan. Ẹ ò lè dárúkọ alága ẹ̀ka Àbújá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín kí ẹ fi ti Èkó sílẹ̀. Ẹ ò lè dárúkọ àna kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀, kódà bí àna kan bá gbé màlúù wá tí èkejì sì gbé ewúrẹ́. Bí ẹ bá ti pe ẹnì kan nínú agbo, gbogbo agbo náà ti dìde dúró. Àwọn tó ṣeé dá pè ni àwọn tí kò bá agbo kankan wá, tí wọ́n sì ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò ṣe irú rẹ̀.

Mo tò ó báyìí lórí àkọsílẹ̀ yín. Ẹ lè yí i padà bí mo bá ṣi ẹnì kan gbé.

Orúkọ 19 ni olùdarí ètò á ti kí kí ó tó kàn yín: Kábíyèsí, àwọn olóyè, àwọn pásítọ̀, aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, àwọn àgbà tó wà lórí ìjókòó iwájú. Ìkíni tiwọn ti wà nínú ètò. Bí ẹ bá tún kà wọ́n, ẹ tún ètò bẹ̀rẹ̀ látòkè nìyẹn. Orúkọ 26 jẹ́ ti ẹgbẹ́ márùn-ún: ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi, àwọn tí Bàbá kọ́ níléèwé, àwọn ẹlẹgbẹ́ yín níbi iṣẹ́, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, àti àwọn ẹbí àna. Orúkọ 11 fi owó tàbí ẹran ránṣẹ́. Orúkọ 9 fi ara ṣiṣẹ́: àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀, àwọn tó ń dáná, àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta kánópì, aládùúgbò tó yọ̀ǹda àgbàlá rẹ̀. Orúkọ 6 jẹ́ ọmọ ilé. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ àwọn mẹ́fà yìí kúrò pátápátá. Ẹ̀gbọ́n yín tó ra pósí kò ràn yín lọ́wọ́, bàbá rẹ̀ ló sin. Tí onílé bá dúró níwájú àlejò tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé, àlejò kì í mọ ibi tí òun á wò. Inú ilé lálẹ́, nígbà tí gbogbo yín bá jókòó tán, ni kí ẹ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín.

Àwọn mẹ́ta ló ṣẹ́ kù: ìyá ẹlẹ́kọ, nọ́ọ̀sì, àti ọkùnrin ojú ọ̀nà Òmù-Àrán. Àwọn yìí lẹ ó dárúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Bí ẹ ṣe kọ ti ìyá ẹlẹ́kọ sínú ìwé ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà nìyí: “Mo tún fẹ́ fi àsìkò yìí dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ ìyá wa dáadáa fún ìfẹ́ tí kò lẹ́gbẹ́ àti àdúrótì wọn sí Bàbá àti gbogbo ẹbí.” Ẹ yọ “ìyá wa” kúrò, kí ẹ fi gómìnà rọ́pò. Ṣé gbólóhùn náà bàjẹ́? Kò bàjẹ́. Ẹ fi ẹni tó ya ìjókòó fún yín rọ́pò. Kò bàjẹ́ síbẹ̀. Gbólóhùn tó bá bá gbogbo èèyàn mu, ẹnì kankan kò ní gbà pé tòun ni. Bí mo ṣe máa ń dán an wò nìyẹn nígbà tí ọmọ olóòkú bá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá fún mi: mo máa ń pààrọ̀ orúkọ, kí n sì wò ó bóyá gbólóhùn á kọ̀ ọ́.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wá: kí lẹni náà ṣe, ìgbà wo àti níbo, kí ló sì ná an. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn èèyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì máa ń jẹ́ kí ojú àwùjọ rọ̀. Ohun tó ná an lè má jẹ́ owó. Ó lè jẹ́ oorun, òjò tàbí ọjà tí kò rí tà. Ohun tí ẹ kọ sínú àkọsílẹ̀ ni mo fi tún un ṣe báyìí:

“Ọdún méjì ni Bàbá fi wà lórí àìlera. Èmi wà l'Ábújá, ẹ̀gbọ́n mi wà l'Ékòó. Láràárọ̀, kí agogo méje tó lù, ìyá kan ládùúgbò wa á ti gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé. Ẹ̀kọ tí wọ́n fẹ́ tà ni o. Lọ́jọ́ tí òjò bá ń rọ̀, wọ́n á fi ọ̀rá wé abọ́ náà dáadáa. Bàbá ló sọ fún mi lórí fóònù, wọ́n ní, ‘Abọ́ ò tutù, ìyá ló tutù.’ Ìyá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín. Ẹ ṣeun.”

Ẹ kíyè sí i pé kò sí “ìfẹ́” nínú rẹ̀, kò sí “tí kò lẹ́gbẹ́”. Bí ẹ bá ti sọ ti abọ́ àti òjò, àwọn tó ń gbọ́ á fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kún un fúnra wọn. “Ẹ ṣeun” kan ṣoṣo tó. Bí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó di orin. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ wo ìyá náà, ẹ jẹ́ kí àtẹ́wọ́ dìde kó sì rọlẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sórí èyí tó kàn. Àwọn tó ń sáré lórí máíkì máa ń fi orúkọ kejì gé àtẹ́wọ́ ti àkọ́kọ́ ní àárín.

Ti ọkùnrin Òmù-Àrán náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé “ó fara jin fún wa”. Ẹ sọ pé lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ ń gbé Bàbá bọ̀ láti Ìlọrin, taya ámbúláǹsì bẹ́ nítòsí Òmù-Àrán. Ẹ sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń tẹ̀lé yín lẹ́yìn nínú mọ́tò tirẹ̀, pé ó yọ jáàkì, ó fi iná mọ́tò rẹ̀ tan ojú ọ̀nà, kò sì kúrò títí di ọ̀gànjọ́, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń dúró dè é ní Lọ́kọ́ja láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó tán. Gbogbo ẹni tó ti gba ojú ọ̀nà yẹn rí lálẹ́ ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Ní ti nọ́ọ̀sì, ẹ ní sùúrù. Ẹ kọ ọ́ pé lẹ́yìn iṣẹ́ ló máa ń yà wá sílé láti wẹ egbò ẹsẹ̀ Bàbá. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ sọ ọ́. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wọn máa tọ́jú aláìsàn nílé, ọpẹ́ tí ẹ fi tọkàntọkàn dá á lórí máíkì lè di ìwé ìbéèrè fún un lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí ó bá ní kí ẹ má sọ ti egbò, ẹ béèrè ohun tí ẹ lè sọ. Mo rí i pé Ebira ni. Bí òun náà bá fara mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ ní èdè tirẹ̀, kí ẹ fi sọ gbólóhùn kan péré, kí ẹ sì sọ ọ́ títí ẹnu yín á fi mọ́ ọn kí Sátidé tó dé. Ìyá ẹlẹ́kọ náà, ẹ bi í. Àwọn àgbà obìnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá gbé oore wọn síta, ṣe ló dà bí ìgbà tí ẹ san án padà fún wọn níwájú èrò, inú wọn kò sì ní dùn sí i.

Báwo lẹ ó ṣe tò wọ́n? Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́: ta ni àkọ́kọ́, ta ni ìkẹyìn. Ẹ má fi ipò tò wọ́n, ẹ má sì fi ìwọ̀n oore tò wọ́n. Ẹ tò wọ́n bí ìtàn náà ṣe lọ: ìgbà àìlera, ìgbà ikú, ìgbà ìsìnkú. Ìyá ẹlẹ́kọ àti nọ́ọ̀sì wà nínú àìlera, ọkùnrin Òmù-Àrán wà nínú ikú, àwọn ẹgbẹ́ márààrún wọ inú ìsìnkú. Kò sí ẹni tó lè bèèrè ìdí tí wọ́n fi pe òun lẹ́yìn, torí òun náà mọ ọjọ́ tí òun dé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ̀yin pàápàá kò ní nílò ìwé púpọ̀ lọ́wọ́, torí ìtàn bàbá yín lẹ ń sọ.

Fún àwọn ẹgbẹ́, ohun kan tó jẹ́ òótọ́ nípa ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó má ju gbólóhùn méjì lọ. “Ẹ̀yin ọmọ ìlú tó ti Èkó, Àbújá, Kàdúná àti Jọ́ọ̀sì wá, àwa náà rin ọ̀nà yìí, a mọ ohun tí ara yín rí kí ẹ tó débí.” “Ẹ̀yin tí Bàbá kọ́, ẹ wọ aṣọ iléèwé yín wá, ẹ rántí orin ìpàdé òwúrọ̀ tí àwa ọmọ wọn ò tiẹ̀ mọ̀.” Lẹ́yìn ìkarùn-ún ni kí ẹ ní kí gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn èkejì, torí ẹgbẹ́ tó bá kéré á máa wo bí ti ẹlòmíràn ṣe pọ̀. Ẹ má dárúkọ alága, ẹ má dárúkọ akọ̀wé. Ẹ má sì fi “àti àwọn tí àsìkò kò jẹ́ ká dárúkọ” parí rẹ̀. Gbólóhùn yẹn ti ba ọ̀pọ̀ ìdúpẹ́ jẹ́: ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé orúkọ kan wà níbìkan tí tiwọn kò sí nínú rẹ̀.

Ohun tí mo máa fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: “Gbogbo ẹni tó na ọwọ́ sí wa, a ti kọ yín sílẹ̀ nílé. Láti Mọ́ńdè, ẹ ó gbọ́ ohùn ọ̀kan nínú wa.” Ẹ má sọ ọ́ bí ẹ ò bá ní í ṣe é o.

Ní ti Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ kúkúrú. Ẹ kúnlẹ̀ kí Agbana níbi tí wọ́n jókòó sí kí ẹ tó gba máíkì, pẹ̀lú àgbà ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lórí máíkì, ẹ kan tọ́ka sí i pé ẹ ti kí wọn. Bí ọba ìlú mìíràn bá wá, bóyá Elulu láti Mọ̀pà tàbí Ọbaro láti Kàbà, ẹ má fi ọgbọ́n orí yín tò wọ́n. Olùdarí ètò ni kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará ààfin bí a ṣe ń tò wọ́n, kó sì ti parí ìyẹn nínú ìkíni tirẹ̀. Bí aṣojú ló wá, ọba lẹ ó kí, ẹ ó ní kí aṣojú bá yín jíṣẹ́. Ní ti àwọn àlejò láti Lọ́kọ́ja, ẹ ti gbọ́ bí àwọn olóṣèlú ìpínlẹ̀ wa ṣe máa ń fi “Àgbà, Avo, Ọ̀kun” kí gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan. Bí Ígálà àti Ebira bá wà níkàlẹ̀, ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ó sì kárí.

Ibo ni kí ó bọ́ sí nínú ètò? Mo rí i nínú ìwé ètò yín pé ìdúpẹ́ ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn ijó gbogbo ọmọ. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ń padà sí Àbújá fẹ́ ti kọjá Kàbà àti Ọbájánà kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó ń padà sí Ìlọrin náà ń wo aago. Nígbà tí ẹ bá fi máa gba máíkì ní agogo mẹ́rin, ìyá ẹlẹ́kọ yín àti àwọn aládùúgbò ló kù, àwọn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ìyá náà ṣe ti wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìkíni olùdarí ètò, kí wọ́n tó pín oúnjẹ, ni kí ẹ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Bí ẹ bá ń sọ ọ́ láìkánjú, ọ̀rọ̀ bí 450 ni ìyẹn: nǹkan bí ìdajì fún àwọn mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin fún àwọn ẹgbẹ́, ìyókù fún ìkíni àti àdúrà. Fún àdúrà, gbólóhùn kan tí gbogbo wa mọ̀: “A ò ní fi irú èyí san án fún yín, ayọ̀ la ó fi san án.” Àwùjọ á ṣe àmín, ẹ ó gbé máíkì sílẹ̀.

Àwọn 9 tó fi ara ṣiṣẹ́ ńkọ́? Alẹ́ Fúráìdè ni tiwọn. Níbi àìsùn, àwọn ọ̀dọ́ tó gbẹ́ ilẹ̀ àti àwọn ìyá tó ń dáná wà nínú àgbàlá yín, àlejò ìlú òkèèrè kò tíì kún. Níbẹ̀ ẹ lè pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kódà ẹ lè fi inagijẹ pè wọ́n, torí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ wọ́n. Bí ẹ bá fi wọ́n di Sátidé, ẹ̀yìn ìkòkò ni wọ́n á wà nígbà tí ẹ bá ń pe orúkọ wọn, wọn ò ní gbọ́ ọ. Bákan náà, pásítọ̀, akọrin àti ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ, ẹ tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn níbi ìsìn ìdúpẹ́ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níwájú ìjọ tiwọn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ ní, èèyàn ò sì gbọdọ̀ kó gbogbo ẹrù sórí Sátidé nìkan. Ibi tí ojúgbà ẹni náà bá pọ̀ sí ni ọpẹ́ rẹ̀ ti máa ń wúwo jù.

Nísinsìnyí, nǹkan kan tó dájú pé ó máa ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá wà lórí máíkì, àǹtí kan á rìn wá láti ẹ̀yìn, á fi bébà pélébé lé yín lọ́wọ́, á sì sọ sí yín létí pé ẹ ti gbàgbé lágbájá. Bí ẹ bá ka orúkọ yẹn, bébà kejì ti ń bọ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ẹbí lálẹ́ Fúráìdè pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìwé wá bá yín. Kí àbúrò yín kan dúró nítòsí, kó máa gba bébà náà pẹ̀lú ẹ̀rín, kó gbé e fún olùdarí ètò. Olùdarí ètò á kí lágbájá nígbà tó bá yá, bí ìgbà tí wọ́n ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ìkíni nìyẹn, kì í ṣe ọpẹ́, kò sì da ètò yín rú. Àbúrò kan náà ni kó gba máíkì bí ẹkún bá gbé yín ní àárín ọ̀rọ̀. Kó mọ ibi tí ẹ dé, kó má bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Àwọn kan á ní kí ẹ tẹ gbogbo orúkọ 74 sẹ́yìn ìwé ètò ìsìnkú. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìwé náà á ti jáde lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé kí Fúráìdè tó dé, àwọn tó ṣe gudugudu méje lọ́jọ́ méjì tó kẹ́yìn kò ní sí nínú rẹ̀, ẹni tó ṣèlérí tí kò sì wá á wà níbẹ̀ gbàǹgbà. Gbólóhùn méjì ọpẹ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ti tó. Ìfilọ́lẹ̀ owó fún gbọ̀ngàn ìlú tàbí ilé ìjọsìn nìkan ni mo ti gbà pé ká ka orúkọ tán. Ẹni tó dáwó níbẹ̀ fẹ́ kí ìlú gbọ́, ìyẹn wà lára àdéhùn. Níbi òkú, kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn 11 tó fi owó àti ẹran ránṣẹ́, ẹ ò gbọdọ̀ dárúkọ iye wọn rárá, torí opó tó mú ẹgbẹ̀rún kan wá wà níjòkòó, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ohun tó ní nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ wa, “ẹ ṣeun àná” ni ọpẹ́ ti máa ń pé. Yàtọ̀ sí ọmọ ilé mẹ́fà tí ẹ ti yọ, ibẹ̀ ni orúkọ 68 tó kù ń lọ ní odindi, pẹ̀lú àwọn mẹ́ta tí ẹ ti pè. Ẹ pín wọn lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn, kí gbogbo ọmọ tó fọ́n ká. Àwọn tó wà ní Ìsánlú àti agbègbè rẹ̀, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè, èèyàn méjì méjì, àgbà kan àti ọmọ kan. Àwọn tó wà lókèèrè, kí ọmọ tó mọ ẹni náà jù lọ pè é. Ohùn ni o. Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí ẹ tà á sí gbogbo èèyàn lórí Wáàsáàpù, wọ́n á mọ̀ lójú ẹsẹ̀, torí kò sí orúkọ wọn nínú rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni yín, nǹkan bí èèyàn 14 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì yẹ kó kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Kí ẹni tó bá ti pè fàlà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà, kó sì kọ ọjọ́ tó pè. Níbi tí ẹ kọ “àdúrótì” sí, ẹ wá ohun tí ẹni náà ṣe gan-an kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ bi ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ìjókòó 50 ló yá yín, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn wá jókòó ti ìyá yín lọ́sàn-án kan, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì lọ. Ohun tí ẹ ó dárúkọ fún un nìyẹn.

Ẹ kọ ìṣẹ́jú mẹ́rin náà tán kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kù, kí ẹ kà á fún ẹni tí kò mọ Bàbá. Ibi tó bá ti bi yín pé “kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?”, ibẹ̀ ti dáa. Ibi tó bá ti wo fóònù rẹ̀, ẹ gé e.